Ìṣirò Ọ̀sẹ̀ Mẹ́tàlá: Kí La Ó Fi Sílẹ̀, Kí La Ó Bẹ̀rẹ̀, Kí La Ó Máa Bá Lọ?

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ káàdì alájọ. Káàdì pelebe ni, wọ́n fi ìlà pín in sí àpótí kéékèèké láti 1 dé 31. Lọ́jọ́ tí oníṣòwò bá dá owó, alájọ á sàmì sínú àpótí ọjọ́ náà. Bí oṣù bá parí, á kó owó wá, á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì parí. Ọ̀pọ̀ ni kì í wo káàdì náà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka owó wọn tán. Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lórí rẹ̀ ju owó lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á rí ọjọ́ tí ọjà kì í tà, ọ̀sẹ̀ tí òde pọ̀, àti ìgbà tí ara kò yá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ síbẹ̀.

Bí a ṣe ń ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ wákàtí kan àbọ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. A ó kó àmì ohun tí a ń ṣe lójoojúmọ́ jọ, a ó ṣírò wọn, a ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a ń lé, lẹ́yìn náà la ó tó bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni kí n fi sílẹ̀, kí ni kí n bẹ̀rẹ̀, kí ni kí n máa bá lọ? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti orí ìbéèrè bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń wọ́. Ẹni tí kò tíì ṣírò á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn dáhùn fún gbogbo oṣù mẹ́ta.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù mẹ́ta? Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Tí a bá dá a sọ́nà mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ 13 ló kan ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀sẹ̀ 13, ọjọ́ Ajé á wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, ọjọ́ Àbámẹ́ta náà á wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń ba nǹkan jẹ́, mẹ́tàlá tó láti fi í hàn, mẹ́rin inú oṣù kan kò tó. Ẹni tó bá sì ní ó di ìparí ọdún kí òun tó yẹ̀ ẹ́ wò ti lè fi oṣù mẹ́sàn-án lé ohun tí kò ní bá.

Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1706, ti ṣe irú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nínú ìtàn ìgbésí ayé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó ní òun to ìwà rere 13, òun sì ń dojú kọ ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, tó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ 13 ló ń gbà á láti yí wọn po, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ìwé kékeré kan ló fi ń ṣe é. Ó fi yíǹkì pupa fa ìlà sójú ewé, ọjọ́ méje lókè, ìwà 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó bá ti kùnà ló ń kán àmì dúdú sí. Bí ọ̀wọ́ kan bá parí, á ha àmì náà kúrò kó lè tún bẹ̀rẹ̀, títí ìwé náà fi lu, ló bá lọ ń lo páálí eyín erin tó ṣeé fi kàǹkàn tútù nù. Ibi tí n kò ti bá bàbá yìí lọ nìyẹn. Ó nu àkọsílẹ̀ rẹ̀ dànù! Ó sọ pé inú òun dùn bí àmì náà ṣe ń dín kù, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ tó kọjá kò sí nílẹ̀ mọ́ láti fi wé tuntun. Ó tún jẹ́wọ́ pé nígbà tó yá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lòun ń ṣe é, ó wá di ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mélòó kan, kí òun tó pa á tì pátápátá nígbà tí ìrìn àjò àti iṣẹ́ òkèèrè gbà á lọ́wọ́ òun.

Ohun kejì tó ti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ni bó ṣe ń pẹ́ tó kí nǹkan tó mọ́ni lára. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010. Èèyàn 96 ni wọ́n ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tí á máa ṣe lójoojúmọ́, bí omi mímu pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán tàbí eré sísá kó tó jẹun alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Láàárín àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn ṣeé ṣírò, ẹni tó wà ní agbedeméjì lo ọjọ́ 66 kí nǹkan náà tó máa wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó yá jù lo 18, ẹni tó pẹ́ jù á lo 254. Ìṣirò ni wọ́n fi mọ 254 yẹn, nítorí ìwádìí náà fúnra rẹ̀ kò ju ọjọ́ 84 lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá dé orí ìbéèrè ohun tí a ó fi sílẹ̀: pé nǹkan ṣì nira lẹ́yìn ọjọ́ 91 kò fi hàn pé kò yẹni. Wọ́n tún rí i pé ẹni tó pa ọjọ́ kan jẹ kò bà á jẹ́. Ọjọ́ kan ni wọ́n sọ o, wọn kò sọ oṣù kan.

Àmì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé gbára lé kí ìṣirò kankan tó wúlò. Àmì mẹ́ta ló yẹ kó wà. Ẹ kọ 1 fún ọjọ́ tí ẹ ṣe é, 0 fún ọjọ́ tó yẹ kí ẹ ṣe é tí ẹ kò ṣe é, kí ẹ sì fa ìlà kékeré fún ọjọ́ tí kò kàn án rárá, bí ọjọ́ Àìkú fún ẹni tí kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú. Àpótí tó ṣófo yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sọ pé ẹ kò ṣe é, pé ẹ kò kọ ọ́ ló sọ. Bí òfìfo bá pọ̀, tó fi jẹ́ pé nínú ọjọ́ mẹ́wàá ó ju ọ̀kan lọ, mo máa ń sọ pé kí èèyàn má fi àkọsílẹ̀ yẹn pinnu ohunkóhun, àfi pé á wá ọ̀nà tí á fi máa kọ ọ́.

Àrùn kejì ni ti ẹni tó jókòó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó fi iyè inú kún gbogbo ọ̀sẹ̀. A máa ń rí i nínú ìwé. Ìlà ọjọ́ mẹ́fà á tẹ̀lé ara wọn, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, kò sí èyí tó yẹ̀, nígbà tí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ní bírò pupa, ti aró, àti ibi tí òróró kán sí. Ẹ fa òbìrí yí irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ká, kí ẹ má kà á mọ́ èyí tó dájú.

Ìwé àti bírò tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń lo àtẹ ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù lè fi orúkọ ọjọ́ sí òpó A láìfi àmì sórí tàbí sábẹ́ lẹ́tà rẹ̀, kó fi àmì sí òpó B, láti ìlà 2 dé ìlà 92, ìyẹn ọjọ́ 91, kó wá kọ èyí:

```
=COUNTIF(B2:B92,1)
=COUNTIF(B2:B92,1)/COUNT(B2:B92)
=COUNTBLANK(B2:B92)
=COUNTIFS(A2:A92,"Abameta",B2:B92,1)
```

Ìlà àkọ́kọ́ á ka ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Ìkejì á fi ọjọ́ tó yẹ pín in, kò sì ní ka ìlà kékeré yẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òun náà kì í ka òfìfo, nítorí náà ẹni tí kò kọ ọjọ́ tó kùnà sílẹ̀ á rí iye tó dára ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí ìlà kẹta wà fún nìyẹn. Ìkẹrin á sọ iye ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ṣiṣẹ́. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ lò, èmi ni mo to àwọn iye inú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà ládùúgbò gbogbo. Ẹ mú aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá, n’Ìbàdàn. Oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà ọdún 2024 ló ń yẹ̀ wò. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún náà, ọjọ́ Àìkú ni ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ 13 gééré. Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, aránṣọ tó bá gbọ́ ọjọ́ méjèèjì yìí ti mọ ọ̀sẹ̀ tí oorun kò sí.

Ohun mẹ́ta ló ń lé. Ó fẹ́ kó ₦390,000 jọ láti fi ra ẹ̀rọ ńlá, ó fẹ́ oníbàárà tuntun, ó sì fẹ́ máa rìn nítorí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí wọn ló ṣe ń sàmì sí nǹkan mẹ́rin: kó dá ₦5,000 fún alájọ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, kó fi ẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, kó gbé àwòrán aṣọ tó rán sórí Wasáàpù lójoojúmọ́ iṣẹ́, kó sì kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀ kó tó ti ṣọ́ọ̀bù.

Kí ó tó fọwọ́ kan àmì kankan, ohun tó ń lé gan-an ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó lọ béèrè iye ẹ̀rọ náà lọ́jà. Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyí. Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ pé iye ọjà ní oṣù Kẹfà 2024 fi ìdá 34.19 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kẹfà 2023 lọ. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, èèyàn lè pé àmì rẹ̀ láìku ẹyọ kan, kí ẹ̀rọ tó ń lé sì ti sá síwájú. Bí iye bá ti yí, iye tuntun ló yẹ kó wà lórí ìwé oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀.

Ó wá kan àjọ. Ọjọ́ iṣẹ́ 78 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ 13. Ó dá a ní ọjọ́ 57, ₦285,000 nìyẹn. Alájọ yọ owó ọjọ́ kan lóṣooṣù, ₦15,000 fún oṣù mẹ́ta, ₦270,000 ló wọ ọwọ́ rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, àmì rẹ̀ jẹ́ 73. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní, “Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ múra sí i.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò wúlò fún nǹkan kan, kò sẹ́ni tó lè fi múra-sí-i ṣe ètò. Ó pín àmì náà sí ọjọ́-ọjọ́. Ọjọ́ Ajé, 6 nínú 13. Ìṣẹ́gun, 10. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, 12, 12, 12. Àbámẹ́ta, 5.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tó ń dá àjọ ní ìdákúrekú. Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kì í yẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn oníbàárà ti gba aṣọ òde wọn lọ́jọ́ Ẹtì, òun náà ń lọ òde, alájọ a bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Lọ́jọ́ Ajé, owó àkọ́kọ́ tó bá wọlé á lọ sórí òwú, àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀. Ètò tó ṣe fún ara rẹ̀ ní ń bá ọjọ́ méjì yìí jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ń pàdánù. Bí ó bá ń dá ₦7,500 láti Ìṣẹ́gun dé Ẹtì, ₦30,000 kan náà ni lọ́sẹ̀. Ká ní bó ṣe ṣe lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn náà ló tún ṣe, ọjọ́ 46 nínú 52, ₦345,000 nìyẹn; alájọ á yọ ₦22,500 dípò ₦15,000, ₦322,500 á sì kù fún un. Ó fi ₦52,500 ju ti tẹ́lẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ₦7,500 lè wúwo lójú ju ₦5,000 lọ, kí ọjọ́ tí kì í yẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ìwé oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ ni yóò sọ.

Ti ìrìn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ọjọ́ 65 ló yẹ kó rìn, 41 ló rìn, 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá bi í kó tó ṣírò, á ní òun kò lè rìn rárá, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó ní ìdí tó fi lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò rìn lẹ́ẹ̀kan. Ó wá to àmì náà ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀: 5, 4, 5, 4, 5, 5, 4, 5, lẹ́yìn náà 3, 1, 0, 0, 0. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, 37 nínú 40. Kò pọ̀ ẹni tó ń rìn tó bẹ́ẹ̀! Láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ló ti já, nígbà tí oṣù Karùn-ún ń parí lọ, tí òjò àárọ̀ gbà á, tí aṣọ Iléyá sì ń jẹ́ kó sùn lẹ́yìn aago méjìlá òru.

63 yẹn kò ṣàpèjúwe ọ̀sẹ̀ kankan nínú mẹ́tàlá. Ẹni méjì lè ní 63: ọ̀kan ń rìn bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jálẹ̀jálẹ̀, èkejì ń rìn dáadáa títí ó fi dáwọ́ dúró. Oògùn wọn kò jọra. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ti pọ̀ jù fún un. Èkejì kò níṣòro pẹ̀lú rírìn, ọ̀nà àtipadà ni kò ní lẹ́yìn tí nǹkan dá a dúró. Iléyá kọjá ní ọjọ́ 16, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló tẹ̀ lé e, òdo sì ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọjọ́ báyìí ni kó tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń sọ pé ìwé àkópọ̀ tó bá ní iye kan ṣoṣo fún nǹkan kọ̀ọ̀kan kò tíì di àkópọ̀. Ẹ kọ àpapọ̀, ẹ kọ ti ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ti ọjọ́-ọjọ́. Ìlà mẹ́ta péré ni.

Àwòrán Wasáàpù ńkọ́? 72 nínú 78, 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú iye yìí ló máa ń tan èèyàn. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ “máa bá a lọ”, nítorí ó dán. Ṣùgbọ́n oníbàárà tuntun ló ń lé, kì í ṣe àwòrán. Nínú oṣù mẹ́ta náà, oníbàárà tuntun 11 ló wá, ó sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, “Ta ló júwe wa fún yín?” Mẹ́sàn-án ní oníbàárà àtijọ́ ni, ọ̀kan ń kọjá lọ ló rí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan rí àwòrán. Bí fífi irin sí aṣọ, gbígbé e kọ́ àti yíya á bá gba ogún ìṣẹ́jú, ìgbà 72 jẹ́ wákàtí 24. Ìṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá ẹnì kan. Síbẹ̀, 11 kéré, ó sì ṣeé ṣe kí àwòrán náà máa rán oníbàárà àtijọ́ létí láti padà wá, ìbéèrè rẹ̀ kò sì lè mú ìyẹn jáde. Nítorí náà, tirẹ̀ kò ní jẹ́ kó pa á rẹ́. Yóò fi ti ojoojúmọ́ sílẹ̀, á máa gbé e lọ́jọ́ Ẹtì nìkan.

Ìwé owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: 74 nínú 78, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ́ ọn lára.

Nígbà tí gbogbo èyí wà lójú ewé kan, ìbéèrè mẹ́ta lè wọlé. Ohun tí a ó fi sílẹ̀ ni kó ṣáájú. Ìdí kan wà fún un. Ní 2021, Gabrielle Adams, Leidy Klotz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Fajíníà tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Nínú ọ̀kan lára ìdánwò wọn, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù ìṣeré ọmọdé kọ́ ilé kan tí búlọ́ọ̀kù ẹyọ kan gbé òrùlé rẹ̀ ró ní igun, wọ́n ní kí àwọn èèyàn ṣe é kó lè gbé ẹrù láìwó. Ẹni tó bá fi búlọ́ọ̀kù kún un á san sẹ́ǹtì mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tó dára jù, tí kò sì ná wọn ní nǹkan kan, ni kí wọ́n yọ ẹyọ kan yẹn kí òrùlé lè jókòó pẹrẹsẹ. Ó ju ìdajì lọ tí kò yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé yíyọ kò ná wọn ní owó, iye àwọn tó yọ ọ́ pọ̀ sí i. A kì í kọ̀ láti yọ nǹkan kúrò, kì í kàn wá sọ́kàn wa ni. Bí ẹ bá kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ìwé á ti kún kí ẹ tó dé orí yíyọ.

Ìdáhùn aránṣọ wa nìyí. Ó fi àwòrán ojoojúmọ́ sílẹ̀, ó fi àjọ ọjọ́ Ajé àti Àbámẹ́ta sílẹ̀. Ó tún fi ohun kan sílẹ̀ tí ẹ lè má rò: kò ní sàmì sí ìwé owó mọ́. Ìwé owó ń bá a lọ, àmì rẹ̀ ni kò sí mọ́, nítorí ohun tó ti mọ́ni lára kò nílò ẹ̀ṣọ́, àyè tó bá sì ṣófo lórí káàdì wúlò fún ohun tó ṣì ń yọ̀ bọ́rọ́.

Ohun méjì péré ló bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti wọ aṣọ tuntun wò tó sì rẹ́rìn-ín, á sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi júwe ṣọ́ọ̀bù fún ẹnì kan.” Àmì rẹ̀ kì í ṣe ti ojoojúmọ́, iye aṣọ tó jáde ló yẹ kó fi pín in. Èkejì ni ìrìn. Kò ní padà sí ti kùtùkùtù tí òjò ti lé e kúrò. Yóò máa fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù dípò ọ̀kadà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan náà. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, á rìn ín nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ó sì kọ ọ̀nà àtipadà rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú: ọ̀sẹ̀ tó bá ti gba iṣẹ́ òru ju ìgbà mẹ́ta lọ, ìlà kékeré ni yóò fà fún gbogbo rẹ̀, ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e ni àmì á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé ìpinnu kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀, ó ní ibi tirẹ̀, ó sì ṣeé kà. “Kí n máa tọ́jú ara mi sí i” kò lè wọ inú àpótí kankan.

Ohun tó ń bá a lọ ni àjọ ọjọ́ mẹ́rin àti ìwé owó. Mo rí àwọn tó máa ń fi ìbéèrè yìí ṣe àfikún, bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ kọ ìdí tí nǹkan náà fi ń ṣiṣẹ́. Ti àjọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti Ìṣẹ́gun dé Ẹtì nítorí alájọ ń bá a nídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà àárọ̀ ti sanwó. Bí alájọ bá yí àkókò tó ń wá padà, ó ti mọ ohun tó lè bà á jẹ́ kó tó bàjẹ́.

Àwọn iye kékeré ní ibi tí agbára wọn mọ. 6 lọ́jọ́ Ajé àti 5 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìdí tí ọjọ́ Ajé fi dára ju Àbámẹ́ta lọ ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. 12 àti 5 ni ìyàtọ̀ tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni oṣù mẹ́ta kan kì í jọ èkejì. Oṣù Keje sí Ìkẹsàn-án ọdún 2024 kò ní ọdún ńlá kankan nínú bí èyí tó ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ òru á dín kù, owó náà á sì dín kù. Bí àjọ bá wá já wálẹ̀ díẹ̀ ní àkókò yẹn, kò tíì túmọ̀ sí pé ₦7,500 ló fà á.

Ìwé àkókò kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló dára jù láti fi wé e, òun náà sì ní ìlò. Ọdún àwọn Mùsùlùmí máa ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún. Ní 2025, Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, kò sí nínú oṣù Kẹrin sí Ìkẹfà mọ́ rárá; Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Aránṣọ tó bá fi ìwé 2024 wé ti 2025 láìkọ ọjọ́ ọdún sókè ewé yóò rí i pé oṣù Kẹrin rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, yóò sì máa wá ìdí rẹ̀ lára alájọ.